Bí A Ṣe Ń Dáhùn Ìbéèrè Oníṣẹ̀lẹ̀ Nínú Ìdánwò Òfin

Ìbéèrè oníṣẹ̀lẹ̀ ni èyí tí olùkọ́ òfin ti máa ń sọ ìtàn kúkúrú nípa ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí aáwọ̀ wà láàárín wọn, tí yóò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ọ̀kan nínú wọn ní ìmọ̀ràn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa òfin ni olùkọ́ ń wá níbẹ̀. Ó fẹ́ rí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń mú òfin kan, tí ó ń gbé e lé ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, tí ó sì ń ti ibẹ̀ dé ìpinnu tí ó lè gbèjà. Ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń ní apá mẹ́rin: kókó àríyànjiyàn, òfin tí ó jẹ mọ́ ọn, lílo òfin náà sí ìṣẹ̀lẹ̀, àti ìpinnu. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò wúwo bákan náà. Apá kẹta ló ń fi hàn bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè ronú bí agbẹjọ́rò, síbẹ̀ apá yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fi ìlà kan ṣoṣo kọjá, nítorí náà ibẹ̀ ni a ó ti pẹ́ jù.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò wá láti inú òfin àdéhùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ní ọjọ́ Ajé, Bọ́lá kọ lẹ́tà sí Kúnlé pé òun fẹ́ ta ọkọ̀ òun fún un ní 5,000 pọ́ùn, àti pé òun yóò dúró dè é títí di ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́tà náà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ náà gan-an, Kúnlé fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù pé: "Ṣé ẹ lè gbà kí n san ìdajì báyìí, kí n san ìyókù ní ìparí oṣù?" Bọ́lá kò fèsì. Ní Ọjọ́rú, Bọ́lá ta ọkọ̀ náà fún Ṣadé, ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Kúnlé pé òun kò ta ọkọ̀ náà fún un mọ́. Ní alẹ́ Ọjọ́rú yẹn, aládùúgbò kan sọ fún Kúnlé pé: "Ó dà bíi pé Bọ́lá ti ta ọkọ̀ yẹn o." Ní aago 9 òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kúnlé ju lẹ́tà sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ pé òun gbà láti ra ọkọ̀ náà ní 5,000 pọ́ùn. Ní aago 12 ọ̀sán, lẹ́tà Bọ́lá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́tà Kúnlé dé ọ̀dọ̀ Bọ́lá ní ọjọ́ Ẹtì. Gba Kúnlé ní ìmọ̀ràn.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, nítorí òun ló ń sọ ẹni tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Kúnlé ni ẹ ń gbà ní ìmọ̀ràn níbí, ohun tí ó sì fẹ́ mọ̀ ni bóyá òun lè pe Bọ́lá lẹ́jọ́ pé ó yẹ àdéhùn. Ọ̀rọ̀ bóyá Ṣadé ni ó ni ọkọ̀ náà báyìí kò sí nínú ohun tí wọ́n béèrè, nítorí náà ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà kan sórí bébà, kí ẹ sì to ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Nínú ọ̀rọ̀ àdéhùn, ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé e lè yí ìdájọ́ padà pátápátá. Nígbà tí ẹ bá tò ó tán, ẹ óò rí i pé wákàtí 3 péré ló wà láàárín ìgbà tí Kúnlé fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́ àti ìgbà tí lẹ́tà Bọ́lá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ṣètò ìbéèrè kò ṣèèṣì fi aago méjèèjì síbẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Kókó àríyànjiyàn

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níbí ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ pé "kókó ibẹ̀ ni bóyá àdéhùn wà láàárín Bọ́lá àti Kúnlé." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù, kò sì sí bí ẹnìkan ṣe lè dáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kókó àríyànjiyàn tí ó dára jẹ́ ìbéèrè kan tí ó ṣeé dáhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ó sì mú ìṣẹ̀lẹ̀ pàtó kan láti inú ìtàn dání.

Ọ̀nà láti wá a rí ni pé kí ẹ jókòó sípò agbẹjọ́rò Bọ́lá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Báwo ni yóò ṣe sọ pé Kúnlé kò ní ẹ̀tọ́ kankan? Yóò sọ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti pa ìfilọ̀ Bọ́lá rẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó fi fi ọkọ̀ náà lọ Kúnlé. Bí ìyẹn kò bá dúró, yóò sọ pé Bọ́lá ti fagi lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí Kúnlé tó gbà á. Bí ìyẹn náà kò bá dúró, yóò sọ pé ìgbà tí lẹ́tà Kúnlé dé ní ọjọ́ Ẹtì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ìyẹn lẹ́yìn tí ó ti mọ̀ pé ọjà ti kúrò nílẹ̀. Àwíjàre mẹ́ta rèé, kókó mẹ́ta ni ẹ sì rí. A lè kọ èyí àkọ́kọ́ báyìí pé: "Ǹjẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tí Kúnlé fi béèrè bóyá òun lè san owó lẹ́ẹ̀mejì ti pa ìfilọ̀ Bọ́lá rẹ́?"

Kókó kọ̀ọ̀kan ni yóò ní apá mẹ́rin tirẹ̀. Bí ẹ bá kó kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sókè, tí ẹ kó gbogbo òfin jọ sísàlẹ̀ wọn, tí ẹ wá fi ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe ìparí, ẹni tí ń máàkì ìwé yóò máa wá òfin tí ó bá kókó kọ̀ọ̀kan kiri, kò sì ní rí i kíákíá. Ẹ parí ọ̀kan kí ẹ tó bọ́ sórí èkejì.

Òfin

Òfin kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ẹ sì dárúkọ ibi tí ó ti wá, yálà ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tàbí òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe. Fún kókó àkọ́kọ́, òfin ni pé ẹni tí wọ́n fi ọjà lọ̀, tí ó wá dá iye mìíràn tàbí ìlànà mìíràn lé e, ti kọ ìfilọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, kò sì lè padà wá gbà á mọ́. Ẹjọ́ Hyde àti Wrench ní ọdún 1840 ló fìdí èyí múlẹ̀: Wrench fi oko rẹ̀ lọ Hyde ní 1,000 pọ́ùn, Hyde ní 950 pọ́ùn ni òun yóò san, nígbà tí Wrench kọ̀ tí Hyde sì padà wá gba 1,000, ilé ẹjọ́ sọ pé kò sí ohun tí ó kù fún un láti gbà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Stevenson àti McLean ní ọdún 1880 fi ààlà sí i. Níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fi irin lọ̀ kàn béèrè bóyá olùtajà lè fún òun ní àsìkò oṣù méjì láti gba ọjà náà, ilé ẹjọ́ sì sọ pé ìbéèrè lásán ni èyí, kò pa ìfilọ̀ náà rẹ́.

Ẹ kíyèsí i pé ìtàn ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ohun tí a nílò lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ sọ ìtàn ẹjọ́ nítorí pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ apá tí ẹ fẹ́ fi wé ìṣẹ̀lẹ̀ tiyín nìkan. Bí ẹ kò bá rántí ọdún, ẹ kọ orúkọ ẹjọ́. Bí orúkọ náà kò bá wá sọ́kàn, ẹ sọ òfin náà bí ó ṣe tọ́, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú, nítorí òfin tí kò lórúkọ sàn ju orúkọ tí ẹ hùmọ̀ lọ.

Lílo òfin sí ìṣẹ̀lẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ síbí rèé: "Nínú ìbéèrè yìí, Kúnlé fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Bọ́lá láti béèrè bóyá òun lè san ìdajì. Gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ Stevenson àti McLean, ìbéèrè lásán ni èyí. Nítorí náà ìfilọ̀ náà ṣì wà." Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìrònú níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tún ìtàn sọ, èkejì sọ òfin, ẹ̀kẹta sì fò dé ìpinnu. Ohun tí ó so ìtàn mọ́ òfin ni kò sí.

Ẹ wá wo bí a ṣe lè tún un kọ. "Ọ̀rọ̀ Kúnlé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'Ṣé ẹ lè gbà', èyí tí ó jẹ́ ọ̀nà ìbéèrè, kò sì sọ pé òun kò ní ra ọkọ̀ náà bí wọn kò bá gbà. Kò fọwọ́ kan iye owó náà rárá, ó yàtọ̀ sí Hyde tí ó dín 50 pọ́ùn kù. Bí ìgbà tí òun yóò san owó ṣe máa rí ló béèrè, èyí sì sún mọ́ ìbéèrè nípa àsìkò nínú ẹjọ́ Stevenson gan-an. Agbẹjọ́rò Bọ́lá lè sọ pé fífi ìdajì owó sílẹ̀ di ìparí oṣù jẹ́ ìyípadà ńlá fún ẹni tí ó fẹ́ gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọjọ́ Ajé kò sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà san owó, nítorí náà ó bójú mu kí olùrajà béèrè."

Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìpínrọ̀ yìí tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Ó mú ọ̀rọ̀ pàtó jáde láti inú ìtàn. Ó fi ìṣẹ̀lẹ̀ wé ti ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá méjèèjì, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ó tún jẹ́ kí ẹni kejì sọ tẹnu rẹ̀ kí ó tó dá a lóhùn. Ẹ lè fi èyí dán ìwé tiyín wò: ẹ bo orúkọ àwọn ènìyàn inú ìtàn mọ́lẹ̀ nínú ìpínrọ̀ tí ẹ kọ. Bí ìpínrọ̀ náà bá ṣì lè wọ inú ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn láìyí ohunkóhun padà, òfin ni ẹ ń kọ, ẹ kò tíì lò ó.

Kókó kejì ló le jù. Ǹjẹ́ Bọ́lá ti fagi lé ìfilọ̀ rẹ̀ kí Kúnlé tó gbà á? Ẹ kọ́kọ́ mú ìlérí pé òun yóò dúró títí di ọjọ́ Ẹtì kúrò lọ́nà. Ìlérí bẹ́ẹ̀ kò de Bọ́lá, nítorí pé Kúnlé kò san ohunkóhun kí ó lè dúró dè é. Gbólóhùn kan tó fún èyí, àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin ìfagilé, tí ó ní ẹsẹ̀ méjì. Èkíní ni pé ìfagilé kì í ṣiṣẹ́ ní ìgbà tí wọ́n fi ránṣẹ́, ìgbà tí ó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi ọjà lọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dá a nínú ẹjọ́ Byrne àti Van Tienhoven ní ọdún 1880. Èkejì ni pé kò pọn dandan kí olùtajà fúnra rẹ̀ mú ìròyìn náà wá. Nínú ẹjọ́ Dickinson àti Dodds ní ọdún 1876, Dodds ní òun yóò dúró títí di aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti sọ fún Dickinson ní Ọjọ́bọ̀ pé Dodds ti ń bá ẹlòmíràn dúnàá-dúrà lórí ilé náà. Ilé ẹjọ́ sọ pé ìfilọ̀ náà ti parí, nítorí Dickinson mọ̀ dájú pé Dodds kò fẹ́ ta ilé náà fún òun mọ́.

Lílo ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ kò le. Ọjọ́rú ni Bọ́lá fi lẹ́tà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n aago 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló dé, Kúnlé sì ti ju lẹ́tà tirẹ̀ sínú àpótí ní aago 9. Lẹ́tà Bọ́lá nìkan ti pẹ́ jù. Títà tí ó ta ọkọ̀ náà fún Ṣadé kò ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí Kúnlé kò mọ̀ kò lè fagi lé ìfilọ̀ tí wọ́n ṣe fún un.

Orí ẹsẹ̀ kejì ni ìbéèrè náà dá lé, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni "Ó dà bíi pé." Agbẹjọ́rò Bọ́lá yóò sọ pé ìròyìn ni ìròyìn ń jẹ́, pé Dickinson náà ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́, pé ẹni tí ó sáré fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ń hùwà bí ẹni tí ó mọ̀ pé ọjà ń bọ́ lọ. Ẹ má fojú kéré àwíjàre ìkẹyìn yìí, ó lágbára. Ní ìdà kejì, Kúnlé lè sọ pé ohun tí ó gbé Dodds là ni pé ìmọ̀ Dickinson dájú, nígbà tí òun gbọ́ àhesọ lásán láti ẹnu ẹni tí ìtàn kò sọ bí ó ṣe mọ̀. Ìtàn kò sọ pé aládùúgbò náà rí ọkọ̀ ní ilé Ṣadé, tàbí pé Bọ́lá ló sọ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé olùtajà lè gbára lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tí wọ́n fi ọjà lọ̀ yóò máa wá kiri láti mọ bóyá òfófó tí òun gbọ́ jẹ́ òótọ́ kí òun tó lè dáhùn lẹ́tà.

Níbi tí ìtàn bá ti dákẹ́, ẹ sọ pé ó dákẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí yóò yí padà bí ó bá sọ̀rọ̀. Ẹ lè kọ pé bí aládùúgbò bá fi ojú ara rẹ̀ rí títà náà, tí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Kúnlé, ìdájọ́ Dickinson yóò mú Kúnlé tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe hùmọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò sí, kí ẹ wá gbé ìpinnu yín lé e.

Kókó kẹta kò gba àyè púpọ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Adams àti Lindsell ní ọdún 1818, ìtẹ́wọ́gbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ti máa ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà tí wọ́n bá ti jù ú sínú àpótí, bí ó bá bójú mu láti lo ilé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́tà ni Bọ́lá fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó bójú mu kí Kúnlé fi lẹ́tà dáhùn. Ẹnìkan lè tọ́ka sí i pé àwọn méjèèjì ní fóònù, pé Kúnlé ti lò ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èyí sì yẹ ní gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n Bọ́lá kò sọ pé ọ̀nà kan pàtó ni òun fẹ́. Aago 9 òwúrọ̀ ni Kúnlé gbà, kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ kíyèsí i pé a dé kókó kẹta láìka bí a ṣe dá kókó kejì sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò ti fagi lé ìfilọ̀ náà lè fẹ́ dúró níbẹ̀, nítorí pé bí ìfilọ̀ kò bá sí mọ́, kí ni Kúnlé fẹ́ gbà? Bí ó bá dúró, yóò sọ gbogbo máàkì tí ó wà fún òfin ìfìwéránṣẹ́ nù. Ohun tí a ń kọ ni pé: "Bí ilé ẹjọ́ bá gbà pé ìfilọ̀ náà ṣì wà ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìbéèrè tí ó kù ni ìgbà tí ìtẹ́wọ́gbà Kúnlé ṣiṣẹ́," a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìpinnu

Ìpinnu kókó kọ̀ọ̀kan kò ju gbólóhùn kan lọ, kò sì gbọdọ̀ mú ohun tuntun wá. Lẹ́yìn kókó tí ó kẹ́yìn, ẹ padà sí ohun tí wọ́n béèrè, kí ẹ sì bá ẹni tí ẹ ń gbà ní ìmọ̀ràn sọ̀rọ̀: "Ó ṣeé ṣe kí ilé ẹjọ́ gbà pé àdéhùn wà láàárín Kúnlé àti Bọ́lá láti aago 9 òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò kò dájú tó láti fagi lé ìfilọ̀ náà. Ewu tí ó wà fún Kúnlé ni ohun tí aládùúgbò náà yóò sọ bí wọ́n bá pè é ní ẹlẹ́rìí." Kò dára kí ẹ kọ ọ́ pé Kúnlé yóò borí dájúdájú níbi tí ẹ ti fúnra yín fi hàn pé àwíjàre ẹnìkejì lágbára. Kò sì dára kí ẹ sọ pé adájọ́ ni yóò pinnu, nítorí pé ìmọ̀ràn ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè ṣe ìpinnu tí ó yàtọ̀ síra lórí kókó kejì yìí kí àwọn méjèèjì sì gba máàkì kan náà, bí ìpinnu kálukú bá ti inú ohun tí ó kọ ṣáájú jáde.

Bí àkókò bá ń lọ tán nínú yàrá ìdánwò, ìtàn àwọn ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá ni kí ẹ kọ́kọ́ gé kúrò. Ẹ fi orúkọ ẹjọ́ àti òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà kan, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú tí ó kù sórí "Ó dà bíi pé" aládùúgbò àti wákàtí 3 tí ó wà láàárín lẹ́tà méjèèjì.